Yíya Máàpù Ìkànnì fún Okòwò Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ni mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníṣòwò máa ń bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà fò kiri, oníbàárà wa kan ni n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin ni, ó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ, èlùbọ́ iṣu, gàrí àti ìyẹ̀fun iyán, àwọn tó sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Èkìtì níhìn-ín, ní Èkó àti ní Àbújá.

Kí ni ẹ ń pè ní máàpù ìkànnì gan-an? Ṣé òun náà ni fáìlì tí wọ́n ń pè ní sitemap.xml?

Rárá o, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn oníṣẹ́ máa ń pè wọ́n. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín ni àwòrán tí a ń fi pẹ́ńsùlù yà sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó ń fi hàn wá iye ojú ìwé tí ìkànnì náà máa ní, èyí tó wà lábẹ́ èkejì, àti ọ̀nà tí ènìyàn máa gbà dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èèyàn ni a ya èyí fún.

`sitemap.xml` ní tirẹ̀ jẹ́ àkójọ àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Gúgù máa ń kà. Fáìlì kan lè gba àdírẹ́sì 50,000, nítorí náà okòwò tó ní ojú ìwé mẹ́sàn-án kò ní ìdí láti máa ronú nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé WordPress ni a fi kọ́ ìkànnì yín, láti ọdún 2020 ni ó ti ń ṣe fáìlì náà fúnra rẹ̀, ẹ ó sì rí i ní `/wp-sitemap.xml`. Mo ti rí ẹni tó sanwó fún "sitemap", tó sì jẹ́ pé fáìlì tí WordPress ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì fa ìlà kan fún un. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ní lọ́kàn kí ẹ tó sanwó.

Kí ni kí n kó jọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á?

Ẹ kó ìbéèrè àwọn oníbàárà yín jọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ rí lórí ìkànnì ẹlòmíràn.

Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ wá, ó ti kọ àwọn ojú ìwé tó fẹ́ sínú ìwé kan: Nípa Wa, Ìran Wa, Àfojúsùn Wa, Àwọn Òṣìṣẹ́ Wa, Àwòrán, Ọjà Wa, Kàn sí Wa. Mo ní kó ṣí Wáàsáàpù rẹ̀, kó padà sẹ́yìn dé ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì da ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí àwọn ènìyàn bi í kọ sórí káàdì kékeré, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, láì tún un ṣe. Ó kó ọgọ́ta wá. Mọ́kàndínlógún ń béèrè iye tí ìwọ̀n kan jẹ́. Mẹ́rìnlá ń béèrè bí ọjà ṣe máa dé ọ̀dọ̀ àwọn àti iye owó ọkọ̀. Mẹ́sàn-án ń béèrè bóyá òkúta wà nínú ìrẹsì náà. Mẹ́jọ fẹ́ ra púpọ̀ fún ìnáwó. Mẹ́fà ń béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é tàbí bí wọ́n ṣe ń rò ó. Mẹ́rin tó kù ń wá ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.

Nínú ọgọ́ta ìbéèrè náà, kò sí ẹyọ kan tó béèrè ìran tàbí àfojúsùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

Báwo ni ẹ ṣe sọ ọgọ́ta káàdì di ojú ìwé?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀.

A tẹ́ àwọn káàdì náà sórí tábìlì, a sì ń kó àwọn tó jọra pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn ni pé kí òkìtì mẹ́fà di ojú ìwé mẹ́fà: ojú ìwé kan fún iye owó, òmíràn fún bí a ṣe ń sè é, òmíràn fún ọ̀rọ̀ òkúta. Àṣìṣe ni. Ẹni tó ń béèrè òkúta, ìrẹsì ló fẹ́ rà. Bí ó bá ní láti fi ojú ìwé ìrẹsì sílẹ̀ lọ ka ọ̀rọ̀ òkúta níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kó má padà wá.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a bi káàdì kọ̀ọ̀kan: ṣé ìdáhùn yìí jẹ́ ti ọjà kan ṣoṣo, tàbí ti gbogbo ọjà? Ìdáhùn tó jẹ́ ti ọjà kan ṣoṣo, inú ojú ìwé ọjà náà ló ń gbé. Ìdáhùn tó kan gbogbo ọjà lọ́nà kan náà, ó yẹ kó ní ojú ìwé tirẹ̀, kí gbogbo ojú ìwé ọjà sì ní líǹkì tó lọ síbẹ̀. Òkúta jẹ́ ti ìrẹsì nìkan, nítorí náà ó wọ inú ojú ìwé ìrẹsì, ní òkè pátápátá, nítòsí iye owó. Bí a ṣe ń rò ó yàtọ̀ láti orí èlùbọ́ dé orí ìyẹ̀fun iyán, nítorí náà ó pín sí ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ sí Èkó kò mọ̀ bóyá ìrẹsì ni tàbí gàrí, ìwúwo ẹrù ló ń tẹ̀ lé. Bí a bá kọ ọ́ sínú ojú ìwé ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́jọ́ tí owó epo mọ́tò bá gbówó lórí, ibi mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ tún ṣe, yóò sì gbàgbé ọ̀kan. Ó yẹ kí ìfiránṣẹ́ ní ojú ìwé tirẹ̀.

Àwọn tó ń rà fún ìnáwó ni a jiyàn lé lórí jù. Ọjà kan náà ni wọ́n ń rà, ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún káàdì mẹ́jọ náà kà, a rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kò jọ ti àwọn yòókù: àpò mélòó ló máa tó ènìyàn igba, ọjọ́ mélòó ṣáájú ni kí wọ́n sanwó, ṣé èyí tó bá ṣẹ́kù ṣeé dá padà. Ẹni tó ń ra kìló márùn-ún kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. A fún wọn ní ojú ìwé tiwọn.

Bí máàpù náà ṣe rí nígbà tí a parí nìyí:

```
0     Ilé               /
1     Ìrẹsì Ìgbẹmọ      /iresi-igbemo/
2     Òkèlè             /okele/
2.1     Èlùbọ́ iṣu       /okele/elubo-isu/
2.2     Gàrí            /okele/gari/
2.3     Ìyẹ̀fun iyán     /okele/iyefun-iyan/
3     Ọjà fún Ìnáwó     /inawo/
4     Owó Ìfiránṣẹ́     /ifiranse/
5     Ibi tí A Wà       /ibi-ti-a-wa/
```

Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni, ní ìpele mẹ́ta bí ẹ bá ka Ilé mọ́ ọn. Nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́: 2.1 ń sọ fún wa pé ọmọ ni èlùbọ́ jẹ́ lábẹ́ 2. Nígbà tí mo bá ń bá ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò sọ̀rọ̀, nọ́ńbà náà ni mo ń pè, a kì í sì í ṣi ara wa gbọ́.

Nípa Wa ńkọ́? Ṣé ẹ yọ ọ́ pátápátá ni?

Gbólóhùn mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò obìnrin náà nínú ìsọ̀ rẹ̀. A fi wọ́n sí ojú ìwé Ibi tí A Wà, nítorí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá oníṣòwò gidi ni, ibẹ̀ ni yóò wò. Bí ẹ bá ní ìtàn tó gùn, bí irú ilé iṣẹ́ tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ lè fún un ní ojú ìwé tirẹ̀.

Kìló 5, kìló 10, kìló 25 àti àpò kìló 50 ni mo ń tà. Ṣé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ra ìrẹsì fẹ́ fi iye ìwọ̀n wọ̀nyí wé ara wọn lójú kan náà. Bí ẹ bá pín wọn sí ojú ìwé mẹ́rin, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò wà lórí gbogbo wọn, àyàfi nọ́ńbà kan. Ẹ ṣe àtẹ kan sínú ojú ìwé ìrẹsì, kí ìlà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin.

Ohun tí mo fi ń dán an wò nìyí: bí mo bá bo orúkọ ojú ìwé méjì mọ́lẹ̀, tí mo sì ka ìyókù, ṣé mo lè mọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́? Bí n kò bá lè mọ̀, ojú ìwé kan ni wọ́n.

Ìpele mélòó ni kò ti ní pọ̀ jù? Mo gbọ́ pé oníbàárà kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Òfin ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn ti pẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ ló ń lé e lọ. Bí ó bá dá a lójú ní gbogbo ìgbà tó tẹ̀ pé ohun tó ń wá ń sún mọ́ ọn, yóò máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìgbà tó bá dúró sí ìkóríta tí kò mọ ọ̀nà tó kàn ni yóò padà sẹ́yìn.

Síbẹ̀, fún okòwò kékeré, mi ò tíì rí ìdí tí ìpele fi gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́ta. Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa fi ń wọlé. Lórí fóònù, mẹ́nù máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ìlà kéékèèké mẹ́ta tó wà lókè. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un jẹ́ ọfà kékeré kan sí i tí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wá rí kó sì tẹ̀.

Àṣejù sí apá kejì náà kò dára. Ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná kọ orúkọ mọ́kànlélógún sórí mẹ́nù rẹ̀, gbogbo wọn ní ìpele kan náà. Lórí fóònù, ènìyàn ní láti fa ojú ìwé sókè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí Kàn sí Wa. Nígbà tí a kó wọn sábẹ́ orúkọ márùn-ún, ọjà kankan kò sọnù.

Orúkọ wo ni kí n kọ sórí mẹ́nù?

Orúkọ tí oníbàárà ń pè é. Máàpù tó dára lè bàjẹ́ nítorí orúkọ kan.

Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí obìnrin náà kọ síbi nọ́ńbà 2 ni "Àwọn Ọjà Wa Mìíràn". Ó yé òun, nítorí pé ìrẹsì ni olórí ọjà rẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, tí ìyókù sì jẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó ń wá ìyẹ̀fun iyán kò ka ìyẹ̀fun iyán sí mìíràn, pàápàá ní Èkìtì! A dán oríṣiríṣi orúkọ wò. "Oúnjẹ Gbígbẹ" kò dára, nítorí ìrẹsì náà gbẹ. Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìsọ̀ náà ló sọ pé, "Ṣebí òkèlè ni gbogbo wọn." Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yanjú nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tún bá wa jà díẹ̀ pé gàrí tí òun ń mu pẹ̀lú ẹ̀pà kì í ṣe òkèlè. Ó tọ̀nà. A kò tìtorí rẹ̀ yí máàpù padà, ṣùgbọ́n a fi líǹkì gàrí sí ojú ìwé Ilé, kí ẹni tó ń mu ún má baà nílò láti gba ọ̀nà òkèlè kọjá. Ojú ìwé kan lè ní ọ̀nà tó pọ̀ tó wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òbí kan ṣoṣo ló ní.

Ṣé kí n fi àmì ohùn sí àdírẹ́sì ojú ìwé?

Ẹ fi wọ́n sí orúkọ ojú ìwé àti mẹ́nù, ṣùgbọ́n ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì tó ní àmì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá dà á kọ láti fi ránṣẹ́, ó sábà máa ń yí padà. Ohun tí ẹ pè ní `/ọjà/` lè di èyí:

```
/%E1%BB%8Dj%C3%A0/
```

Kò sí ẹni tó máa rí èyí lórí Wáàsáàpù tí kò ní rò pé ti àwọn oníjìbìtì ni. Ẹ kọ `/oja/`, kó mọ níbẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà ní Èkìtì. Wọ́n ní kí n ṣe ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí Gúgù lè máa gbé mi síwájú.

Ẹ má ṣe é. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ pé orúkọ ìlú nìkan la pààrọ̀ lórí wọn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tí ìlànà Gúgù lòdì sí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ fa ìkànnì yín sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá wọ ojú ìwé Ìjerò tí kò rí ohun kan tó jẹ́ ti Ìjerò níbẹ̀ yóò mọ̀ pé a kàn pe orúkọ ìlú òun ni.

Ojú ìwé Owó Ìfiránṣẹ́ ni ibi tó yẹ kí orúkọ àwọn ìlú wà, nínú àtẹ kan: ìlú, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ, iye tó ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí ìsọ̀ kejì sí Ìkọ̀lé, tó ní àdírẹ́sì, àkókò àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, ìgbà náà ni Ìkọ̀lé tó ní ojú ìwé, yóò sì wà lábẹ́ Ibi tí A Wà.

Mo fẹ́ kí ó wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án di méjìdínlógún nìyẹn, gbogbo àyípadà iye owó sì di ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ní ẹni tó máa ṣe é, ẹ ya igi méjì tó jọra, ọ̀kan lábẹ́ `/yo/`, èkejì lábẹ́ `/en/`. Ẹ má da èdè méjèèjì pọ̀ sórí mẹ́nù kan.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé máàpù náà dára kí n tó san owó kíkọ́ rẹ̀?

Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé. Ẹ kọ orúkọ mẹ́nù márààrún sórí ìwé kan, láì sí àlàyé àti àwòrán kankan. Ẹ kọ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ Òkèlè sórí ìwé kejì, kí ẹ sì pa á mọ́ di ìgbà tí ẹnì kan bá fọwọ́ sí Òkèlè. Ẹ wá pe ènìyàn mẹ́fà tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èkejì má baà gbọ́ ohun tí èkíní sọ. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ bí èyí: "Ẹ fẹ́ ra ìyẹ̀fun iyán fún àbúrò yín tó wà ní Èkó. Níbo ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀?" Ẹ kọ ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí sílẹ̀, ẹ má sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti dákẹ́.

Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà má ní orúkọ mẹ́nù nínú. Bí ẹ bá sọ pé "ẹ wá òkèlè", ẹ ti fi ọ̀nà hàn wọ́n.

Nígbà tí orúkọ náà ṣì jẹ́ "Àwọn Ọjà Wa Mìíràn", ẹni méjì péré nínú mẹ́fà ló fọwọ́ sí i. Mẹ́ta lọ sí Ìrẹsì Ìgbẹmọ nítorí pé òun nìkan ni wọ́n rí tó jọ oúnjẹ, ọ̀kan sì lọ sí Owó Ìfiránṣẹ́ nítorí pé a dárúkọ Èkó. Lẹ́yìn tí a yí i padà sí Òkèlè, a pe mẹ́fà mìíràn, márùn-ún sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn mẹ́fà kò tó láti fi ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó tó láti fi rí ibi tí ọ̀nà ti já.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò ni ibi tí àwọn tó ṣìnà lọ. Bí gbogbo wọn bá lọ sí ibì kan náà, bóyá ibẹ̀ ló yẹ kí ọjà náà wà. Bí wọ́n bá tú ká, orúkọ ni kò yé wọn.

Mo ti ní ìkànnì tẹ́lẹ̀. Bí mo bá yí máàpù padà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn àdírẹ́sì àtijọ́?

Wọn yóò kú, àyàfi bí ẹ bá darí wọn. Ẹ kọ gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ sí apá òsì ìwé, kí ẹ sì kọ ojú ìwé tuntun tó rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún, kí ìkànnì tuntun tó jáde. Lórí sáfà Apache, ìlà kan ló ń darí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
Redirect 301 /products.html /okele/
```

301 ń sọ pé ojú ìwé náà ti kó lọ títí láé. Ẹ má darí gbogbo wọn sí ojú ìwé Ilé nítorí pé ó rọrùn. Ẹni tó tẹ líǹkì gàrí tó sì bá ara rẹ̀ ní Ilé yóò rò pé gàrí ti tán, Gúgù fúnra rẹ̀ sì máa ń ka irú ìdarí bẹ́ẹ̀ sí ojú ìwé tí kò sí mọ́.

Àwọn tó ń lo WordPress tún ní ọ̀fìn kan. Bí ẹ bá yí ohun tó wà nínú àpótí `Parent` padà fún ojú ìwé kan, àdírẹ́sì rẹ̀ yí padà pẹ̀lú. WordPress kì í sì í ṣe ìdarí fún irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń ṣe é fún àpilẹ̀kọ tí a yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Obìnrin wa ti tẹ àdírẹ́sì gàrí sára ọ̀rá kí ó tó sọ fún mi pé òun gbé e kúrò lábẹ́ òkèlè. Ìdarí kan ló gbà wá, ọ̀rá náà kò ṣòfò.

Lẹ́yìn tí ìkànnì bá ti jáde, ìgbà wo ni kí n tún wo máàpù náà?

Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ojú ìwé tuntun kún un. Ẹ kọ́kọ́ fi í sórí ìwé, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà, kí ẹ sì fa ìlà láti ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí òbí fún un, ojú ìwé òrukàn ni yóò jẹ́: yóò wà lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n kò ní sí líǹkì kan tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tí ẹ bá fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí nìkan ni yóò sì mọ̀ pé ó wà.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí a parí ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo pupa. Kì í ṣe ìrẹsì, kì í sì í ṣe òkèlè. Ó fẹ́ kí n ṣe nọ́ńbà 6 fún un ní kíákíá. Mo ní kó ṣì fi ìlà kan sí ojú ìwé Ilé ná, pẹ̀lú iye owó àti nọ́ńbà Wáàsáàpù, kó sì máa kó káàdì jọ bí ó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀. Káàdì mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, méje nínú wọn ló ń béèrè bóyá epo náà kì í dì.